Ìwé òfin kékeré tí kọ́pùrétífù wa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun: ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n pín dífídẹ́ndì

Náírà 2,000. Iye èrè ọdún tó wọlé sí àkáǹtì mi nìyẹn. Mo ń wọn ẹ̀wà fún kọ́sítọ́mà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì dún, mo wò ó, mo tún un wò, mo gbé kóńgò sílẹ̀. 23,000 ni mo ti ṣírò sọ́kàn, mo tiẹ̀ ti sọ fún ẹni tó ń kó ìrẹsì wá fún mi pé kó máa retí owó tó kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́ ni mo fi ṣírò o, n kò fọkàn ara mi rò ó.

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé pélébé ni, ojú ewé 6, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá ti san owó fọ́ọ̀mù, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, pásíbúùkù àti ìwé yẹn. Wọ́n ní òfin ẹgbẹ́ gan-an jẹ́ ojú ewé 38, òyìnbó sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe gé e kúrú fún àwa tuntun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, Yorùbá rẹ̀ mọ́ lẹ́nu, ìyá mi tó ti lé ní 70 kà á láìwọ dígí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà ní ojú ewé 4: "Ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa gba dífídẹ́ndì ìdá 10 nínú 100 lórí owó rẹ̀ lọ́dọọdún." Ó parí síbẹ̀. Owó rẹ̀ wo? Èmi ní ṣíà 20,000 tí mo san lóṣù Júùnù kí wọ́n tó gbà mí wọlé. Láti Júláì ni mo ti ń san àjẹṣẹ́kù 10,000 lóṣooṣù, ìyẹn 60,000 títí di Disẹ́ńbà. Nígbà tó di Nòfẹ́ńbà mo tún kó 150,000 tí mo rí níbi àjọ lọ síbẹ̀, torí mo ní kí owó yẹn kúkú lọ bímọ wá kí ọdún tó parí dípò kó jókòó sílé. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 230,000, ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ sì ni 23,000. Ta ni kò ní ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ máàrúwá, mo kọjá sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní "Ẹ káàsán mà," mo ní káàsán, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀. Ó tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó ní "Mà, ohun tó gbé jáde nìyẹn mà." Mo ní kí ló dé tó fi gbé e jáde bẹ́ẹ̀, ó ní òun náà ò mọ̀, pé wọ́n ti fi ìṣirò yẹn sínú rẹ̀ láti òkè. Mo bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní "wọ́n ti ṣe é láti òkè mà." Mo ṣí ìwé aláwọ̀ ewé yẹn sí ojú ewé 4, mo fi ìka sí i, ọmọ yẹn kà á, ó gbójú sókè, kò rí nǹkan kan sọ. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ìwé pé mo fẹ́ jáde, kí wọ́n kó gbogbo owó mi fún mi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé kékeré yẹn rárá, pé àjẹṣẹ́kù ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ṣíà kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń yọ bí ẹni yọ owó báǹkì, pé ìlànà tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ò rí i? Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ṣíà àti àjẹṣẹ́kù kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ariwo mi ló mú Bàbá Akọ̀wé jáde láti yàrá inú. Wọ́n ní "Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó." Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n mú ìwé éńsáìsì kan, wọ́n bọ́ ìdérí bíró, wọ́n ní kí n máa pe owó mi fún àwọn bó ṣe wọlé, oṣù kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé, màá kọ ọ́ torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ á nílò rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdá 10 yẹn, orí ṣíà nìkan ló wà. Àjẹṣẹ́kù ní tiẹ̀, ìdá 4 nínú 100 lọ́dún, èlé ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe dífídẹ́ndì. Èkejì, owó kì í bẹ̀rẹ̀ sí í pa èrè lọ́jọ́ tó wọlé, oṣù tó tẹ̀ lé e ló ń bẹ̀rẹ̀. Ṣíà mi wọlé ní Júùnù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Júláì, oṣù 6 ló fi ṣiṣẹ́. Ìdá 10 lórí 20,000 jẹ́ 2,000 fún odidi ọdún, ìdajì ọdún ló sì ṣe, ó di 1,000. Ìyẹn yé mi lójú ẹsẹ̀.

Ti àjẹṣẹ́kù ló gùn. 10,000 ti Júláì ṣiṣẹ́ fún oṣù 5, ti Ọ́gọ́ọ̀sì oṣù 4, ti Sẹ̀tẹ́ńbà 3, ti Òkítóbà 2, ti Nòfẹ́ńbà 1, ti Disẹ́ńbà ò ṣiṣẹ́ rárá. Bàbá ro ó pọ̀, ó jẹ́ oṣù 15. Ó dà bí ìgbà tí 10,000 kan ṣoṣo bá ṣiṣẹ́ fún oṣù 15, tàbí tí 150,000 bá ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. 150,000 tí mo kó lọ ní Nòfẹ́ńbà ńkọ́? Oṣù kan péré lòun náà ṣe, ìyẹn Disẹ́ńbà. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀, 300,000 fún oṣù kan, wọ́n fi 12 pín in, ó di 25,000 fún odidi ọdún. Ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ ni 1,000. Ẹgbẹ̀rún kan ti ṣíà, ẹgbẹ̀rún kan ti àjẹṣẹ́kù. Bàbá fa ìlà méjì sábẹ́ 2,000, wọ́n dá ìwé yẹn kọjú sí mi.

Mo dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ò purọ́, ọmọbìnrin yẹn ò rẹ́ mi jẹ. Ká ní wọ́n kọ gbólóhùn méjì péré sínú ìwé yẹn, mi ò ní kó owó àjọ lọ síbẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà, ìrẹsì ni ǹ bá fi rà.

Mo wá bi bàbá pé ẹgbẹ́ kan tó jèrè tó bẹ́ẹ̀, níbo lèyí tó kù gbà lọ, torí mo ti gbọ́ 3,200,000 lẹ́nu akápò níbi ìpàdé ọdún. Wọ́n ní òfin ìjọba ti 1993 lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sọ́tọ̀ sínú owó ìpamọ́. Ti ẹgbẹ́ wa jẹ́ 800,000. Alága ò lè pín in, akápò ò lè pín in, òun ni wọ́n fi ń gba ẹgbẹ́ dúró tí ẹ̀yáwó àwọn ènìyàn bá bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọmití á dábàá bí wọ́n ṣe máa pín èyí tó kù, àwa tá a wà ní ìpàdé la máa dìbò sí i. Ibi tó tún dùn mí nìyí: ìdá 10 tó wà nínú ìwé yẹn, ti ọdún tó kọjá ni. Kì í ṣe àdéhùn. Èrè lè dínkù lọ́dún tó ń bọ̀ kó di 6, ó sì lè máà sí rárá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bíi pé òfin ni?

Ojú ewé 3, ti ìbò, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn, ẹni tó kọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní "Ènìyàn kan, ìbò kan, bó ti wù kí ṣíà rẹ̀ pọ̀ tó." Mo rí i fójú ara mi lóṣù Máàṣì. Alhaji tó ń ta sìmẹ́ǹtì, tí ṣíà rẹ̀ ju ti ogún ènìyàn lọ, nawọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, èmi náà nawọ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n kà wá ní méjì. Ìgbà tí ìbò akápò sì di ọgbọọgba ni alága tó ní ìbò kejì láti fi parí ẹ̀, ìyẹn náà wà nínú ìwé.

Àmọ́ ojú ewé yẹn kan náà ní ẹ̀tọ́ ìbò bẹ̀rẹ̀ "lọ́jọ́ tá a bá gbà ọ́ wọlé." Irọ́ ni. Ẹni tá a jọ ń tajà, tó ń ta ata gígún, san 12,000 nínú 20,000 ṣíà tó kéré jù, ó ní òun á san ìyókù díẹ̀díẹ̀. A jọ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n fún mi ní káàdì ìbò aláwọ̀ pupa, wọ́n ní kí òun lọ jókòó sẹ́yìn, kó máa wò. Òfin gan-an ni pé ẹni tí kò bá tíì san iye tí ẹgbẹ́ là sílẹ̀ ò lè lo ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Òfin yẹn ò burú, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan lè kó ogójì ènìyàn wá láàárọ̀ ìpàdé láti wá dìbò. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti di gèlè, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì sunkún nínú mọ́tò nígbà tá à ń bọ̀. 8,000 náírà ló kù o. Ká ní ó kà á nínú ìwé, á yá a lọ́wọ́ mi.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàbá Akọ̀wé, wọ́n sì gbọ́, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn éńsáìsì yẹn. Nígbà tí mo padà lọ san owó oṣù Épíríìlì, mo bá ọmọbìnrin ọjọ́sí pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, ó ń lẹ bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú ewé 3 àti 4 nínú àwọn ìwé tó kù nílẹ̀. Wọ́n ti yọ ìdá 10 kúrò. Wọ́n kọ ọ́ pé ṣíà lọ́tọ̀, àjẹṣẹ́kù lọ́tọ̀, owó ń ka oṣù, ìpàdé ọdún ló ń sọ iye dífídẹ́ndì, ẹni tó bá san ṣíà pé ló ń dìbò. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó ní "Tiyín rèé mà." Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń kúrò nínú ẹgbẹ́ tàbí bí ṣíà ṣe ń padà, mo sì ti ní kí wọ́n fi kún un.

Mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ìwé náà, mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5.