Àgbéyẹ̀wò: Atẹ̀wé tí kì í méfò nígbà tí kò bá rí ọ̀rọ̀ kà

Ìwé owó ẹgbẹ́ àwọn bàbá wa ti ọdún 1968 ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Bírò ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi kọ ọ́ sínú ìwé onílà, epo sì ti ta sí àwọn ojú ìwé kan. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ tẹ gbogbo rẹ̀ láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu mí, nítorí èmi tí ìwé náà wà lọ́wọ́ mi kò rí gbogbo rẹ̀ kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ń gba fọ́tò lórí Wásáàpù ni mo wá gbé e fún, iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo ń sọ níbí.

Ó ní kí n tẹ́ ìwé náà síwájú fèrèsé, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gan-an, kí etí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`, torí pé Wásáàpù máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀ kó má baà wúwo, àwọn ìlà bírò tó tín-ín-rín ló sì kọ́kọ́ ń pòórá.

Ọ̀rọ̀ tó dá a lójú, ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó rí kà àmọ́ tí kò dá a lójú, ó fi [?] sí ìdí rẹ̀. Èyí tí kò rí kà rárá, ó fi [...] dípò rẹ̀. Níbi tí epo ti bo ìdajì orúkọ kan, ohun tó tẹ̀ ni Ade[...]. Adéwálé ni àwọn ti àkọ́kọ́ tẹ̀ síbẹ̀. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ Adéyẹmí tàbí Adébísí? Owó ló wà níwájú orúkọ yẹn, ọmọ ẹni tí kò san án lè wá fi ìwé wa jà fún ìpín bàbá rẹ̀.

Ibi owó ló ti wú mi lórí jù. Náírà kò tíì dé nígbà yẹn, ọdún 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, nítorí náà pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ló wà nínú ìwé: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Ní ojú ìwé kan, ẹni mẹ́rin ló san owó. Ẹni kìíní san ṣílè 10 àti sísì (ìyẹn kọ́bọ̀ 6), ẹnì kejì san pọ́n-ùn 1 àti ṣílè 5, ẹnì kẹrin san ṣílè 7 àti sísì. Ti ẹnì kẹta, 1 nìkan ló hàn ní òpó ṣílè, epo bo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ tí akọ̀wé kọ sísàlẹ̀ ni pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 13. Àwọn ti àkọ́kọ́ tẹ ṣílè 15 fún ẹnì kẹta. Ṣùgbọ́n owó àwọn mẹ́ta tó hàn jẹ́ pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 3, ṣílè 10 ló kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò tẹ 10 bíi pé ó rí i. 1[...] ló tẹ̀, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Ìṣirò fi hàn pé 10 ni, bí àpapọ̀ akọ̀wé bá tọ̀nà.” Akọ̀wé náà lè ṣe àṣìṣe nínú ìròpọ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà lẹ́yìn wa gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ojú rí yàtọ̀ sí èyí tí a ṣírò.

Akọ̀wé wa kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ìlà ìwé sì máa ń gbé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà mì. Níbi tí wọ́n ti kọ “owo oko”, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ya fọ́tò ìlà yìí fún mi lálẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án láti òkè.” Ìmọ́lẹ̀ tó dábùú bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ipa tí bírò tẹ̀ sínú ìwé hàn. Ipa àmì kékeré kan hàn lábẹ́ o kìíní nínú “oko”, kò hàn lábẹ́ èkejì. Ó tẹ ọkọ̀[?], ó sì ṣàlàyé pé òun rò bẹ́ẹ̀ torí pé “Ibadan” ló tẹ̀ lé e, àmọ́ pé owó oko náà ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò yá, ó sì máa ń béèrè fọ́tò mìíràn léraléra. Àmì náà kì í sì í jẹ́ kí ìwé dùn ún wò. Ẹni tó bá fẹ́ pín in fún ẹbí ní ìpàdé yóò ní kó ṣe ẹ̀dà kejì, owó ìyẹn sì wà lọ́tọ̀. Mo ti mú àwọn ibi tó ní [...] lọ bá àgbà ẹgbẹ́ kan tó ṣì wà láyé. Ó rántí díẹ̀ nínú àwọn orúkọ náà, a sì kọ wọ́n sí etí ìwé pé ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ wọn. Ade[...] ṣì wà bó ṣe wà.