Máàpù inú PowerPoint: ó dára fún ìpínlẹ̀, Àbújá ló ti ń kọsẹ̀

Fún ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka kan ní Kánò, òmíràn ní Kàdúná, òmíràn ní Jọ́ọ̀sì, máàpù tí PowerPoint ń ṣe fúnra rẹ̀ ti tó. Ẹ lọ sí `Insert`, `Chart`, `Map`. Ẹ kọ `Nigeria` sí òpó àkọ́kọ́, orúkọ ìpínlẹ̀ sí ìkejì, owó ọjà sí ìkẹta. Ẹ má fo òpó àkọ́kọ́ yẹn o, torí bí `Niger` bá dá wà, ó lè lọ kun orílẹ̀-èdè tó wà lókè wa dípò ìpínlẹ̀ tí Mínà wà. Íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Tí ẹ bá wá yan `Only regions with data` lábẹ́ `Map area`, ibi tí ẹ ò ti tajà á kúrò níbẹ̀, ojú síláìdì á sì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e dé Àbújá. Ká ní ẹ̀ka Wúsè ta mílíọ̀nù 64 náírà, Márárábá ta 36, Súléjà ta 16, Lọ́kọ́já ta 4. Ará Àbújá ló pọ̀ jù nínú oníbàárà Márárábá àti Súléjà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Násáráwá ni Márárábá wà, Súléjà sì wà ní Niger. Nítorí ṣọ́ọ̀bù kan létí Àbújá, máàpù á kun gbogbo Násáráwá dé Làfíà, níbi tí ẹ ò ti ta nǹkan kan. Niger, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìpínlẹ̀ yòówù lọ ní Nàìjíríà, á gba ojú síláìdì. Àbújá tó pa owó jù á wá rí bíńtín láàárín wọn. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ṣì, síbẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn yàrá á rò pé Niger ló ń gbé ọjà.

Ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni máàpù òfìfo tó jẹ́ fáìlì SVG. Ẹ gbé e wọlé, ẹ tẹ `Graphics Format`, `Convert to Shape`, lẹ́yìn náà `Ungroup`. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Ẹ pa èyí tí ẹ ò nílò rẹ́, ẹ fi àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kun ìyókù, kí ẹ wá fi àmì róbótó gbé owó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: bí owó bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni ìbú róbótó ń dì, torí gbogbo inú rẹ̀ lojú ń wọ̀n. Wúsè á gba sẹ̀ǹtímítà 2.4, Márárábá 1.8, Súléjà 1.2, Lọ́kọ́já 0.6. Ẹni tó bá sọ ìbú Wúsè di ìlọ́po 16 ti Lọ́kọ́já ti fi ìlọ́po 256 han ojú.

Wúsè, Márárábá àti Súléjà á ṣì gun ara wọn lórí. Ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin yí agbègbè náà ká, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí apá ọ̀tún ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ to róbótó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fẹ̀, ẹ má fẹ róbótó mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Súléjà á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́kọ́já. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka àti iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an.

Àléébù rẹ̀ ni pé róbótó wọ̀nyí ò so mọ́ nọ́ńbà kankan: bí owó bá yí padà, ọwọ́ lẹ máa fi tún ìbú kọ̀ọ̀kan ṣe. Fún ẹ̀ka mẹ́rin ní ìdá mẹ́rin ọdún, mo fara mọ́ ọn. Fún ogún ẹ̀ka lóṣooṣù, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.