Mo san ₦40,000 kí wọ́n lè pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́: ohun tí mo rí lọ́dọ̀ bàbá tó ń tún ọ̀rọ̀ dọ́kúmẹ́ńtárì ṣe ní Kábà

Ẹ òkun o. Iṣẹ́ rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 9 ni mo fi ka ìròyìn kí n tó ra kámẹ́rà, tí mo wá di oníṣẹ́ fídíò ní Ìsánlú. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àìsàn mi ti wá. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílé kò rí nǹkan kan, nítorí náà bí oòrùn bá yọ, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé oòrùn yọ. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé mi ò mọ̀ mọ́ pé mò ń ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan ní Bùnú gbé iṣẹ́ fún mi: dọ́kúmẹ́ńtárì oníṣẹ́jú 14 nípa ìyá wọn àgbà tó ṣì ń hun aṣọ. Mo ya á, mo gé e, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, èmi náà ni mo sì kà á. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wò ó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 3 tó fi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n wò ó náà, ojú mi ò fọ́." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe bàbá kan fún mi ní Kábà, òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá èèyàn tún ọ̀rọ̀ olùsọ̀tàn ṣe. Owó wọn jẹ́ ₦40,000: ìjókòó méjì nílé wọn, àti ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n á gbọ́ ohùn tí èèyàn bá gbà sílẹ̀, kí wọ́n tó sọ èrò wọn lórí Wọ́sáàpù. Wọ́n kì í gé fídíò, wọn kì í sì í bá èèyàn ka ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni tiwọn.

Mo gba Mọ̀pà dé Kábà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi dúró kí bàbá tó dé láti ibi ìnáwó kan, wọn ò sì pè mí kí wọ́n sọ fún mi. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ bá ń lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọn ò béèrè ìwé ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ wá rárá. Wọ́n ní kí n pa ohùn fídíò náà, kí n gbé 40 ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ sí i. Wọ́n wá pe ọmọ-ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún 11, láti ibi tó ti ń fọ abọ́.

"Wá wò ó, kí o sọ ohun tí o rí fún bàbá yìí."

Ọmọ náà ní ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, oòrùn ń yọ lẹ́yìn òkè, ìyá kan jáde, ó jókòó sídìí òfì, ó ń fi ọwọ́ ti òwú bọ àárín òwú. Bàbá wá ní kí n ka ohun tí mo kọ sí ibẹ̀. Ẹ gbà mí o:

"Ilẹ̀ ti mọ́ ní abúlé yìí. Oòrùn ń yọ lẹ́yìn òkè. Ìyá àgbà jáde láti inú yàrá, ó jókòó síwájú òfì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ láàárín òwú funfun àti òwú dúdú. Ó fi pákó gbá òwú mọ́ra. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ sì ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ṣí ohùn fídíò náà padà. Ní ibi tí mo ti ń pè é ní iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ gan-an ni pákó ti ń gbá òwú, gbà, gbà, gbà, èmi ni mo fi ohùn ara mi bò ó mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè kejì tí wọ́n bi ọmọ náà ni mo rò pé mo sanwó fún. Wọ́n ní, "Kí ni o fẹ́ mọ̀ tí o ò rí?" Kò ronú rárá. Ta ló ni aṣọ náà? Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ń hun ún nínú ilé yẹn ni? Òun ti rí òfì tó nà gùn sílẹ̀ rí, kí ló dé tí èyí fi dúró lóòró? Bàbá kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n ti ìwé náà sí mi, wọ́n ní, "Àbúrò, iṣẹ́ tìrẹ nìyí. Èyí tó kù, kámẹ́rà ti ṣe é tán."

Mo mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ti bá ìyá náà jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé igi òfì náà ti wà lórí àjà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ń hun aṣọ náà fún ọmọ-ọmọ wọn tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, mo sì mọ̀ pé òfì tó dúró lóòró ni ti àwọn obìnrin, òun ló ń hun aṣọ fífẹ̀, nígbà tí òfì gígùn ti àwọn ọkùnrin ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á tún wá rán pọ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó wọ inú ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé mo ti fi oòrùn àti òkè kún gbogbo àyè. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí:

"Òfì yìí ti wà lórí àjà fún ọdún 11. Oṣù Kejìlá ni ọmọ-ọmọ ìyá máa ṣègbéyàwó. Ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé aṣọ kan ń bọ̀."

Ó tán. Ti àkọ́kọ́ gba 26 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu mi, èyí gba 10. Ọ̀rọ̀ ti obìnrin àti ti ọkùnrin, a gbé e síwájú, síbi tí gbogbo òfì ti hàn. 30 ìṣẹ́jú àáyá tó kù, pákó ló ń sọ̀rọ̀.

Ìjókòó kejì dá lórí ibi tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, mo sì gbà pé èyí ni mi ò lè dá kọ́ láéláé. Pákó tí ìyá náà fi ń gbá òwú mọ́ra, ọwọ́ ìyá tó bí wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Mo ní àwòrán kan níbi tí kámẹ́rà ti sún mọ́ pákó yìí, tí a rí bí ọwọ́ ti jẹ ẹ́ wọnú. Lórí àwòrán yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ sí: "Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti jogún pákó yìí." Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì tún sọ ohun tí ojú rí. Síbẹ̀, bí a ṣe ń wò ó, ojú ń wo pákó, etí ń gbọ́ pákó, ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́. Bàbá ní kí n sún un ṣáájú pẹ̀lú 4 ìṣẹ́jú àáyá, sórí àwòrán tó fi gbogbo yàrá hàn, kí n sì yí i padà: "Nínú gbogbo ẹrù inú ilé yìí, ẹyọ kan ni ìyá jogún." Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni pákó á wá hàn, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Mo fi han èèyàn márùn-ún láti ìgbà náà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé pákó ni, a ò sì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Wọ́n tún mú mi níbi tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá. Mo kọ ọ́ pé: "Ọmọ ọdún 9 ni ìyá nígbà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wọn." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá fúnra wọn yọjú, wọ́n ní ìyá àwọn ló kọ́ àwọn, ọmọ ọdún 9 ni àwọn. Ó dà bí ẹni tó parí àlọ́ kí apàlọ́ tó yanu. A pa á rẹ́, a fi ohun tí ìyá ò sọ sí ipò rẹ̀: "Kò sí ẹni tó fi ìyá sílé ìwé." Nígbà tí wọ́n wá dárúkọ ọdún 9, ó ti ní ìwúwo mìíràn.

Àwọn ibi tí mi ò ti gbà pẹ̀lú wọn ń bọ̀ báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, ìyá ń yí irin kan lórí òwú tútù lórí òkúta kí kóro inú rẹ̀ lè jáde. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, bàbá sì fa igi lé e: "Ó hàn sójú." Ó hàn sójú wọn ni, wọ́n dàgbà nídìí rẹ̀. Mo pa á rẹ́ bí wọ́n ti wí, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìdílé náà ní Àbújá, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló bi mí bóyá ìyẹ̀fun ni ìyá ń pò. Mo dá gbólóhùn kan padà: "Kóro inú òwú gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè ràn án." Mi ò sọ pé irin ni, mi ò sọ pé ó ń yí i. Mo sọ ohun tí yíyí náà wà fún. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé àwọn ṣì í.

Ìkejì ni ohùn tí wọ́n fi ń dáhùn lórí Wọ́sáàpù. Ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú 11, wọn ò sì dárúkọ ibi tí wọ́n ń bá wí, àfi "níbi tí ewúrẹ́ ti kọjá yẹn." Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kọjá nínú fíìmù yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rántí gbogbo rẹ̀, ẹ fi àkókò tó ń sáré sójú fídíò kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kà á, bíi 00:06:20. Èmi ò mọ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Nǹkan kékeré kan tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, níbi tí mo ti ń wọ bàtà: kí n má fi ojú ka iye ọ̀rọ̀. Kí n fi fóònù gba ohùn ara mi, kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán kí n tó tẹ ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ tó kúrú lórí ìwé máa ń gùn lẹ́nu, pàápàá níbi tí ohùn bá ti gbọ́dọ̀ fà díẹ̀ kí ìtumọ̀ má baà sọnù.

Ẹni tó bá ti rédíò tàbí orí pẹpẹ ìjọ wá, kó lọ. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ kò tíì ní àwòrán tó dáa, kó má ná owó rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí bàbá bá ti gé ọ̀rọ̀ tán, kò sí ibi tí àwòrán burúkú á sá pamọ́ sí mọ́. Èmi ti bá wọn dá ọjọ́ fún iṣẹ́ kan tí mò ń ṣe lórí kaṣú. Mo kàn ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ ilé wọn ṣe kí n tó dé, nítorí pé lábẹ́ ariwo rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ohùn pákó lọ́jọ́ sí.