RAM ni kí n fi kún un, àbí kí n ra láptọ́ọ̀pù mìíràn? Ẹ kọ́kọ́ tẹ Shift + Esc ná

Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù mi ti ń wọ́ bí ìgbín, tí mo bá ti ṣí Chrome tí táàbù pọ̀ díẹ̀ báyìí, ó parí nìyẹn, ṣé kí n ra RAM sí i ni àbí kí n tà á kí n fi owó kún un ra òmíràn?" Èmi ti ra méjèèjì rí. Mo ti fi RAM kún láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó wúwo bí odó, mo sì ti ra tín-ín-rín aláwọ̀ fàdákà kan lágbègbè Kúínì Sínímà ní Dùgbẹ̀ tí mi ò rí nǹkan kan fi kún títí dòní. Mo máa fi wọ́n wé ara wọn, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ mí lówó ni mo máa pẹ́ sí.

Ibi tó ti jẹ mí lówó ni pé mi ò wo ohun tó ń jẹ mẹ́mọ́rì, ìyẹn RAM yẹn, kí n tó lọ ra nǹkan. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, 4GB ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Láàárọ̀ á máa sáré dáadáa, tó bá fi máa di ọ̀sán, màósì á dúró gbọn-in, mo máa tẹ lẹ́tà, lẹ́tà ò ní jáde àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin márùn-ún, iná hádì dísìkì á kàn tàn sílẹ̀ gbọnrangandan, àwọn ọmọ tó gbé prójẹ́ẹ̀tì wá á tò sẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wò ó lóòró gangan, ó ní ó ti darúgbó, kí n ra tuntun. Mo lọ ra tín-ín-rín yẹn. Ọjọ́ kejì tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo ṣí gbogbo ohun tí mo máa ń ṣí sórí ẹ̀, nígbà tó di aago méjìlá ààbọ̀ òun náà dúró gbọn-in bíi tàtijọ́. Ẹ wo bí inú mi ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n tẹ Shift + Esc nínú Chrome. Mo ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ̀ pé ó ní Task Manager tiẹ̀ nínú. Ọ̀tọ̀ nìyẹn sí ti Windows o. Ti Windows máa sọ fún yín pé Chrome ń jẹ mẹ́mọ́rì, ó tán, àpapọ̀ ló máa fi hàn yín, kò ní sọ táàbù tó ń jẹ ẹ́. Ti inú Chrome fúnra ẹ̀ máa ń dárúkọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí bọ́tìnì yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí More tools, ẹ máa rí Task manager níbẹ̀. Ẹ wá tẹ àkọlé Memory footprint kó lè to àwọn tó wúwo jù sókè, tó bá to kékeré sókè, ẹ tún un tẹ̀. Nọ́ńbà ibẹ̀ máa ń ní K lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kó dà yín lórí rú, ẹ fojú fo nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, MB ni ìyókù: 418,000K sún mọ́ 418MB.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà rèé. Táàbù 23 ló wà ní ṣíṣí. WhatsApp Web wà ní nǹkan bíi 340,000K, prójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan tó wà nínú Google Docs wà ní 390,000K, àwọn kéékèèké bíi pọ́tà ilé ìwé ò ju 120,000K lọ. Ojú ìwé ìròyìn kan tí mo ṣí láàárọ̀ láti fi máa wo èsì bọ́ọ̀lù, tí mo ti gbàgbé sẹ́yìn, òun ló wà lókè pátápátá. Aago mẹ́wàá tí mo kọ́kọ́ wò ó, 418,000K. Nígbà tó fi di mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó ti di 890,000K. Mọ́kànlá ààbọ̀, 1,460,000K, èmi ò sì fọwọ́ kàn án o. Ìpolówó ọjà àti fídíò inú ẹ̀ ló ń pààrọ̀ ara wọn látìgbàdégbà, kò sì ń da ti àtijọ́ nù, ńṣe ló ń kó o jọ. Nínú 4GB, Windows nìkan ń lo nǹkan bíi 2GB lórí láptọ́ọ̀pù mi, ojú ìwé kan ṣoṣo ti gbé ìlàjì ohun tó kù lọ ó lé. Tí mẹ́mọ́rì bá ti kún báyìí, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí kò ráyè gbà lọ sórí hádì dísìkì, tó bá tún nílò ẹ̀ á lọ gbé e wá, ìlọbọ̀ yẹn ló fà á tí iná yẹn fi ń tàn láìdúró tí màósì sì ń kú.

Mo tẹ orúkọ ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ End process. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ iná hádì dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, lẹ́tà ń jáde bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Táàbù náà ò lọ, "Aw, Snap!" ló kọ sójú, tí ẹ bá tún un ṣí á padà wá. Mo tún un ṣí lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400,000K, ó tún ń gùn bọ̀. Ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé ojú ìwé ló ń ṣe yín: tí ẹ bá pa á tó wálẹ̀, tí ẹ tún un ṣí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìsí pé ẹ ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, RAM tí ẹ bá rà, á jẹ ẹ́ tán náà ni, á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú End process yẹn ṣá. Tí fọ́ọ̀mù bá wà lórí táàbù náà tí ẹ ti kọ ìlàjì, ó lè lọ pátápátá. Àti pé táàbù méjì mẹ́ta láti orí ìkànnì kan náà lè wà lábẹ́ ìlà kan, tí ẹ bá pa ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa lọ. Tí ẹ bá rí Subframe níwájú orúkọ, nǹkan tí wọ́n gbé láti ibòmíì sínú ojú ìwé nìyẹn, ìpolówó ọjà ló sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ ò bá mọ táàbù tó ni orúkọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, Chrome á gbé yín lọ bẹ̀.

Ó tún lè má jẹ́ ojú ìwé rárá. Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Aléṣinlọ́yẹ́ gbé tiwọn wá, owó ti wà nínú báàgì wọn, wọ́n ti fẹ́ lọ ra tuntun. 8GB ló wà nínú ẹ̀, mẹ́mọ́rì ò tiẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ CPU, ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Extension wà láàárín 60 sí 70 láìsinmi, fáànù ń hó bíi ẹ̀rọ ata. Ohun tí ẹnì kan bá wọn fi sí Chrome láti máa fi gba fídíò ni, wọn ò sì lò ó mọ́. Mo kọ èyí síbi àdírẹ́sì, mo yọ ọ́ kúrò:

```
chrome://extensions
```

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń sọ pé mi ò ní ra nǹkan kan?" Mo ní, "Ẹ ò ní ra nǹkan kan, mà." Fáànù ti dákẹ́ ká tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìgbà wo wá ni RAM ń ṣiṣẹ́? Tí ẹ bá wo Task Manager yẹn, tí kò sí ẹyọ kan tó yọrí, tó jẹ́ pé 200,000K níbí, 300,000K lọ́hùn-ún, tí gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ nílò, àpapọ̀ wọn ló pọ̀ ju ilé lọ nìyẹn, ẹ lọ ra RAM. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn lẹ́yìn tí mo ti pa ojú ìwé ìròyìn yẹn tì, mo fi 4GB kún ti àtijọ́, ó di 8GB, owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí mo fi ra tín-ín-rín yẹn, òun ni mo sì ń lò di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tín-ín-rín yẹn ńkọ́? Wọ́n ti lẹ RAM ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Ẹ lè mọ èyí kí ẹ tó sanwó: ẹ ní kí wọ́n tan láptọ́ọ̀pù náà, ẹ tẹ Ctrl + Shift + Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ẹ wo Form factor. Tó bá jẹ́ SODIMM, ó ṣeé yọ. Tó bá jẹ́ Row of chips, ohun tí ẹ bá nínú ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ títí láé. Ẹ wo Slots used náà, 1 of 2 túmọ̀ sí pé àyè kan ṣófo. Ká ní mo lo ìṣẹ́jú kan péré wo ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má rà á.

Ìyókù ò pọ̀. Bátìrì tín-ín-rín dáa ju ti àtijọ́ lọ, tí iná bá lọ ó máa ń gbé mi. Ó fúyẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ti àtijọ́ ló dáa jù. Tí ẹ bá fẹ́ ra RAM, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání, DDR3L ò lè wọ ojú ihò DDR4. Tó bá sì jẹ́ Windows 32-bit ló wà lórí ẹ̀, kò ní lè lò kọjá 4GB, ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ Windows náà. Àwọn tó ń lo Firefox, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Nínú Chrome, ẹ tan Memory Saver ní Settings lábẹ́ Performance, á máa pa táàbù tí ẹ ò fọwọ́ kàn fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń kọrin tàbí tó ń ṣe fídíò, kò ní fọwọ́ kàn án.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri láti Bódìjà dé Chállẹ́ǹjì lójoojúmọ́, tín-ín-rín lè bá yín lára mu, àmọ́ kó jẹ́ 8GB láti ilé wá, ẹ má gba 4GB tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dán tó. Tó bá jẹ́ ojú kan lẹ jókòó sí bíi tèmi, èyí tó wà nílé yẹn, ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Tín-ín-rín tèmi wà lórí tábìlì kejì, àwọn ọmọ fi ń tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀, táàbù méjì ni mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá.