Fóònù fún ẹni tójú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì: èwo ló yẹ kí ẹ tan, èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ìbéèrè tó sábà máa ń wá láti ẹnu ẹni tó fẹ́ ra fóònù fún òbí tójú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ni pé, "TalkBack àti VoiceOver, èwo ló dáa jù?" Ìbéèrè yẹn ti fo nǹkan kan kọjá. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì, TalkBack lórí Áńdírọ́ìdì, VoiceOver lórí áífóònù, ni kí wọ́n máa ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún ẹni tí kò lè rí i. Ẹni tó ṣì ń ríran díẹ̀ lè má nílò ọ̀kankan nínú wọn, tí ẹ bá sì tan án fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba fóònù, ó lè dá a padà fún yín lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí fóònù sọ lẹ́tà di ńlá, kí fóònù máa ka gbogbo nǹkan, tàbí kí ojú máa wá nǹkan, kí etí máa gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn yìí wéra kí á tó dé ọ̀rọ̀ Áńdírọ́ìdì àti áífóònù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn lórí fóònù. Fóònù fúnra rẹ̀ ni owó ń bá lọ.

Lẹ́tà ńlá ní iye tó ń gbà

Oríṣi méjì ni sísọ nǹkan di ńlá. Èkíní ni kí ẹ wọ Settings, kí ẹ fi kún ìwọ̀n lẹ́tà nìkan. Lẹ́tà á tóbi, ìlà á sì máa ṣẹ́ wá sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kàn ń yí i sókè bí ẹ ṣe ń kà ni. Èkejì ni èyí tí Áńdírọ́ìdì ń pè ní Magnification, tí áífóònù ń pè ní Zoom. Èyí máa ń fẹ gbogbo ojú fóònù bí ẹni fi gíláàsì lé e, ohun tí kò bá gba ibẹ̀ mọ́ á sì lọ sí ẹ̀yìn etí fóònù.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ ojú fóònù sí ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀ lẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan. Ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìlà tó ní lẹ́tà 36 tẹ́lẹ̀ á wá ku 12 lójú fóònù, ẹni tó ń kà á á máa fi ọwọ́ wọ́ ọ lọ sọ́tùn-ún, á sì tún wọ́ ọ padà sósì kó tó lè bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Tó bá dé ìlọ́po márùn-ún, bíi lẹ́tà méje ló kù. Ojú lè rí i o, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ka lẹ́tà bánkì tán báyẹn.

Irú àìríran náà tún ń dá sí i. Ẹni tí gílókómà ń bá jà sábà máa ń pàdánù ìríran ẹ̀gbẹ́, tí àárín sì ṣẹ́ kù bí ẹni ń wo ìta láti inú páìpù. Ẹ bá a sọ lẹ́tà di ńlá jù, lẹ́tà á tóbi ju ihò páìpù náà lọ, kíkà á tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́tà tó tóbi díẹ̀ lórí dúdú ló máa ń ṣe é lóore, kí etí ṣe ìyókù. Ẹni tó jẹ́ pé àárín ojú ló bà jẹ́, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo èèyàn, òun ni lẹ́tà ńlá gan-an wà fún. Ní ti kátáráàtì, ìmọ́lẹ̀ fóònù ló ń dà wọ́n láàmú jù, ẹ bá wọn yí i padà kí ilẹ̀ dúdú, kí lẹ́tà funfun. Àmọ́ kátáráàtì ní iṣẹ́ abẹ tó ń mú un kúrò, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ojú kí ẹ tó náwó fóònù.

Ojú wá a, etí gbọ́ ọ

Ọ̀nà kẹta tí àwọn èèyàn kì í sábà mọ̀ nìyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà tó ṣì ń rí àwòrán WhatsApp, àmọ́ tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Lórí Áńdírọ́ìdì, orúkọ rẹ̀ ni Select to Speak: ẹ ó tẹ àmì kékeré kan, ẹ ó wá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́, fóònù á kà á. Lórí áífóònù, Speak Screen ni: ẹ fi ìka méjì wọ́ ọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò yí bí ẹ ṣe ń tẹ fóònù padà rárá, nítorí náà kò sí ohun tuntun tí àgbàlagbà ní láti kọ́ ju ìfọwọ́kàn kan yẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó jẹ́ tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn, tí gílókómà ti ń bá a fínra. Ohun mẹ́ta ló ń fi fóònù ṣe: WhatsApp ẹbí, àlẹ́ẹ̀tì bánkì, àti orúkọ oògùn lára páálí. Ẹ kọ́kọ́ fi kún ìwọ̀n lẹ́tà díẹ̀, ẹ sọ ilẹ̀ di dúdú, ẹ sì jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ WhatsApp bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má béèrè bóyá ó ń rí i, "mò ń rí i" ni bàbá máa sọ. Ẹ wò ó bóyá ó ń fi fóònù súnmọ́ imú, bóyá ó ń fo ìlà, bóyá ó ń nu ojú. Tí kò bá sí ìkankan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Tí ó bá wà, ẹ tan Select to Speak, kó tún ka ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tó bá jẹ́ pé àmì WhatsApp fúnra rẹ̀ ni kò rí mọ́ ni TalkBack tó kàn.

TalkBack àti VoiceOver

| | TalkBack, Áńdírọ́ìdì | VoiceOver, áífóònù |
|---|---|---|
| Títàn àti pípa | Di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta | Tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá |
| Ṣíṣí nǹkan | Fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì | Bákan náà |
| Yíyí ojú fóònù | Ìka méjì | Ìka mẹ́ta |

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ọ̀nà àbùjá yìí ní Settings > Accessibility, kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Lórí áífóònù tó ní bọ́tìnnì nísàlẹ̀, bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ yẹn ni ẹ ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí ìlà kejì yẹn. Tí TalkBack bá wà ní títàn, fífọwọ́kàn lẹ́ẹ̀kan kì í ṣí nǹkan kan, ó kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ni. Ọmọ kékeré lè tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, kí gbogbo ilé máa sọ pé fóònù ti bàjẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bọ́tìnnì ohùn méjèèjì ni oògùn rẹ̀. Bákan náà ni Zoom áífóònù: bí ojú fóònù bá ṣàdédé tóbi tí kò padà, ìka mẹ́ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti dídára, VoiceOver ti wà lórí áífóònù láti 2009, ó sì rí bákan náà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ́ ọ lórí tòkunbọ̀ kò ní tún un kọ́ lórí tuntun. TalkBack yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú míì sì máa ń lọ́ra bí wọ́n bá tàn án: ẹ ó fọwọ́ kan nǹkan, ohùn á dé lẹ́yìn. Ìfàsẹ́yìn yẹn ló ń lé àgbàlagbà sá, kì í ṣe ohùn. Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tan TalkBack níwájú yín kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí WhatsApp pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò ní ra èyí tó kéré sí Áńdírọ́ìdì 11.

Tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ fi áífóònù ránṣẹ́, ó dáa, àmọ́ ẹ béèrè ta ni ó wà nítòsí bàbá tó mọ̀ ọ́n lò. Áńdírọ́ìdì tí ọmọ àdúgbò lè ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀ sàn ju áífóònù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ.

Páálí oògùn àti ìwé

Fún ìwé tó wà lọ́wọ́, kámẹ́rà ni. Áífóònù ní Magnifier tirẹ̀, ó sì dára púpọ̀: ó lè tan iná, ó lè yí àwọ̀ padà. Magnifier tí Google ṣe wà fún Pixel nìkan, àwọn áàpù ìsọdińlá míì tó kún Play Store sì máa ń kó ìpolówó sójú ẹni tí kò ríran, èyí tó jẹ́ ìyà. Kámẹ́rà fóònù fúnra rẹ̀ tó: ẹ ya àwòrán páálí náà, kí ẹ wá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ àgbàlagbà máa ń gbọ̀n, àwòrán tó ti dúró rọrùn fún un ju èyí tó ń mì lọ.

Kí fóònù ka páálí náà sókè ni iṣẹ́ Lookout ti Google, tó wà fún Áńdírọ́ìdì, àti Seeing AI ti Microsoft, tó wà lórí méjèèjì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n mọ̀ kà dáadáa. Ìwé ọwọ́ dókítà, ẹ má gbára lé e. Ẹ pa dátà kí ẹ dán wọn wò, kí ẹ mọ èyí tó máa ṣì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí dátà bá tán. Áàpù Be My Eyes máa ń so yín pọ̀ mọ́ ènìyàn tó ń ríran lórí fídíò láti bá yín wò ó. Àlejò ni ẹni náà, ẹ má fi káàdì bánkì hàn án.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń kùnà

Áàpù bánkì ni àkọ́kọ́. Ibi tí ẹni tó ṣe áàpù kò bá ti kọ orúkọ sára bọ́tìnnì, fóònù á kàn sọ pé "button" tàbí "unlabelled" ni, ọwọ́ ẹni tó ṣe é sì ni àtúnṣe gidi wà. Ẹ fi áàpù bánkì tí bàbá ń lò gan-an dán an wò, títí dé ibi tí a ń tẹ nọ́ńbà àṣírí. Kóòdù tí a ń tẹ̀ láti san owó náà lè parí àsìkò rẹ̀ kí ohùn tó ka àṣàyàn tán. Ní ìta gbangba, íápíìsì ni kó lò, torí ohùn náà á ka iye owó tó kù fún gbogbo ọkọ̀.

Ìkejì ni èdè wa. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ bá kọ ránṣẹ́, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń kà á, ẹ ó gbọ́ ohun tí kò jọ ara wọn. Kí àwọn ọmọ máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp dípò kíkọ, ìyẹn ṣe bàbá lóore ju áàpù èyíkéyìí lọ.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà

Fún Windows, NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é láti 2006, Ctrl+Alt+N ló ń tàn án. Ẹni tó ń ríran díẹ̀ lè kọ́kọ́ gbìyànjú gíláàsì tó wà nínú Windows: ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ +, Windows+Esc ló ń pa á. JAWS, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NVDA ń ṣe, ni olówó ńlá nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó ń lo ètò àtijọ́ ló sábà máa ń nílò rẹ̀. Ẹ lè lò ó láìsanwó fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kó tó ní kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ fi àkókò yẹn ṣí ètò tí ẹ ń lò níbi iṣẹ́ gan-an, ẹ lo NVDA pẹ̀lú ètò kan náà, ẹ wo èyí tó ń pe gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀.