Ohun tí mo yí padà nínú kámẹ́rà fóònù mi lẹ́yìn ìgbéyàwó kan ní Ìsánlú

Fóònù mi gba 64 gígábáìtì, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin ní Ìsánlú, 11 péré ló ṣẹ́kù. Mo ń ya fídíò lọ. Ìgbà tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa ṣàdúrà fún un, fóònù ní ààyè ti tán. Àdúrà yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí mo padà dé Kábà, mo tú sẹ́tíǹsì kámẹ́rà wò. UHD 30, ìyẹn ìpele tó mọ́ ju FHD àti HD lọ, tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló wà látọjọ́ tí mo ti rà á. Mo wá dúró síwájú ilé wa, mo ya ojú títì ní ìṣẹ́jú kan lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, mo sì wo ìwọ̀n wọn nínú gálárì. UHD 30 jẹ 360 mẹ́gábáìtì, FHD 30 jẹ nǹkan bí 128, HD 30 jẹ 90. Ìyẹn ni pé 11 gígábáìtì mi kò lè ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lórí UHD, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí FHD. Wátsáàpù tí a máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn ará ilé á sì tún fún fídíò náà kéré!

FHD ni mo wá fi sí. Èrè HD kò pọ̀ tó ohun tí ó ń bàjẹ́: tí a bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ojú èèyàn kì í já gaara. Mo dán HEVC, ọ̀nà kan tí fóònù ń gbà fún fídíò pọ̀, wò pẹ̀lú, ó sọ 128 yẹn di nǹkan bí 75, ṣùgbọ́n lórí fóònù àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò ní Ẹ̀gbẹ̀, ohùn nìkan ló jáde, ojú rẹ̀ dúdú. Èyí tí mo fẹ́ tọ́jú fúnra mi nìkan ni mo ń lò ó fún. Kí ẹ mọ̀ pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń dín fídíò tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ kù.

Ní ti àwòrán, 50 mẹ́gápíksẹ́lì ń jẹ tó 14 mẹ́gábáìtì lórí fóònù mi, 12 ń jẹ nǹkan bí 4. Mo fi 50 sílẹ̀ fún àwòrán tí a máa tẹ̀ tóbi sára ògiri.

Night mode, tí a fi ń ya àwòrán nínú òkùnkùn, ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé á jẹ ààyè nítorí ó ń ya àwòrán púpọ̀ léra, ṣùgbọ́n ó ń pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Àwòrán òkùnkùn tí a yà láìlo Night mode ló máa ń wúwo jù, torí àwọn ẹ̀rún rúdurùdu inú rẹ̀ kì í ṣeé fún pọ̀. Àmọ́ tí a bá ń lo Night mode, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹni tó ń jó á dà bí èéfín.

Ìlà Grid tó máa ń pín ojú kámẹ́rà sí wẹ́wẹ́ kì í hàn nínú àwòrán, kì í sì í jẹ ààyè. Ó kàn jẹ́ kí n mú ìdúró àwọn èèyàn tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kì í ya ẹyọ mẹ́fà fún ọ̀kan mọ́.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi yẹn, ogójì ìṣẹ́jú ni mo yà, kò sì ju 5 gígábáìtì àti díẹ̀ lọ. Àdúrà ìyá wa wà níbẹ̀ pé pérépéré.