Ọdún kan pẹ̀lú GnuCash: bí mo ṣe ń kọ dọ́là tí mo rà àti èyí tí mo tà sílẹ̀ l'Ádó-Èkìtì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo GnuCash, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó, ìwé ńlá kan la fi ń ṣe ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, l'Ádó-Èkìtì. Rọ́bà ẹ̀rọ ìrẹsì ni mò ń kó wọlé láti Ṣáínà, àwọn róólà méjì tó máa ń bó èèpo ìrẹsì, pẹ̀lú asẹ́ àti bẹ́líìtì. Àwọn tó ń bó ìrẹsì n'Ígbẹ́mọ ló ń rà á jù, torí rọ́bà yẹn kì í pẹ́ jẹ tán tí ìkórè bá ti dé.

Àbúrò ìyàwó mi ló ń kọ ìwé fún mi. Bó ṣe ń ṣe é ni pé, lọ́jọ́ tí a bá san owó tó kẹ́yìn fún àwọn ará Ṣáínà, á mú iye tí a ra dọ́là lọ́jọ́ náà, á fi sọ gbogbo owó ọjà di náírà. Ó rọrùn, ó sì jọ òótọ́. Ọjà $10,000 kan wọ ìwé báyẹn ní ₦15,900,000. Nígbà tí mo wá ṣírò owó tó jáde ní báńkì nítorí ọjà yẹn, ₦15,630,000 ni. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Ìwé ń sọ pé a ná ₦270,000 kan tí ẹnikẹ́ni kò ná. Kí n má purọ́, mo ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú ìfura kí akáńtáńtì kan tó jẹ́ oníbàárà wa tó sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, pé iye dọ́là ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń wọn ọjà tí a san owó rẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Òun ló ní kí n wo GnuCash.

Ọ̀fẹ́ ni. Ó wà fún Windows, Mac àti Linux, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó ṣiṣẹ́, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí dátà mi kì í fi ọjọ́ márùn-ún tán. Kò rẹwà o. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa lo áàpù tó ń dán lórí fóònù á rò pé kọ̀ǹpútà ọdún 1998 lòún ṣí.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan sínú rẹ̀. Ẹ lọ sí File, Properties, Accounts, kí ẹ fi àmì sí Use Trading Accounts. Bí ó ṣe wá kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Nínú GnuCash, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀: àkáǹtì náírà kò gba dọ́là, ti dọ́là kò gba náírà. Tí ẹ bá ti tan Trading yìí, gbogbo ìgbà tí owó bá kọjá láti náírà sí dọ́là, tàbí láti dọ́là sí náírà, ètò náà á kọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti ẹni tó jókòó sẹ́nu bodè: náírà báyìí jáde, dọ́là báyìí wọlé. Ìwé ẹnu bodè yẹn ni mo fi ń rí èrè àti àdánù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà $10,000 yẹn kan náà ṣàlàyé, torí mo padà lọ kọ ọ́ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, mo ra $3,000 ní ₦1,500, mo san án ní àsansílẹ̀. ₦4,500,000 nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n kó ọjà sínú ọkọ̀ òkun. FOB la jọ ṣàdéhùn, nítorí náà ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹrù ọkọ̀ ni ọjà di tèmi, kì í ṣe ọjọ́ tí kọntéínà wọ Àpápá. Lọ́jọ́ yẹn dọ́là jẹ́ ₦1,520, mo ṣì jẹ wọ́n ní $7,000, ìyẹn ₦10,640,000. Iye tí ọjà náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé ni owó àsansílẹ̀ bó ṣe jẹ́ lọ́jọ́ tí mo san án, pẹ̀lú gbèsè bó ṣe jẹ́ lọ́jọ́ tí mo gba ọjà: ₦15,140,000. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó kan ọjà yẹn mọ́ nínú bí dọ́là ṣe ń lọ sókè tàbí sódò. Gbèsè $7,000 nìkan ni dọ́là ń gbá kiri. Bí ìlànà ìṣirò owó àgbáyé IAS 21 ṣe sọ nìyẹn, akáńtáńtì wa ló fà á hàn mí.

Ní 31 oṣù Kejìlá, dọ́là ti di ₦1,560. Gbèsè $7,000 kan náà wá di ₦10,920,000, ó fi ₦280,000 lé sí i láì jẹ́ pé mo ra nǹkan kan. N kò tíì san án, nítorí náà àdánù orí ìwé ni. Ní oṣù Kìíní, mo ra $8,000 ní ₦1,590, mo fi $7,000 san gbèsè. Ìyẹn ná mi ní ₦11,130,000, tó fi ₦210,000 ju ohun tó wà nílẹ̀ ní ìparí ọdún. Àdánù lórí gbèsè yẹn látòkè délẹ̀ jẹ́ ₦490,000. Ẹ fi lé ₦15,140,000, ẹ ó rí ₦15,630,000, owó tó jáde ní báńkì gan-an. Ibi tí ₦270,000 ti wá náà hàn: $3,000 tí mo ti san ní ₦1,500 láti oṣù Kẹsàn-án ni ìwé wa àtijọ́ tún fi ₦1,590 wọ̀n.

$1,000 ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Mo tà á padà fún báńkì ní oṣù Kejì ní ₦1,565, mo pàdánù ₦25,000 níbẹ̀. Ìwà ọ̀kánjúwà ló mú kí n rà á pọ̀ jù.

Nígbà tí a kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn tán, àbúrò ìyàwó mi ṣí àkáǹtì Trading, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Dọ́là ti di òdo. Owó wo ló wá kù síbí yìí?" Ohun tó wà níwájú wa rèé:

```
Trading:CURRENCY:USD          0.00
Trading:CURRENCY:NGN    515,000.00
```

₦490,000 àti ₦25,000. Mi ò ṣírò ìkankan nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà náà. Owó tí mo san àti dọ́là tí mo gbà nìkan ni mo kọ. Tí gbogbo dọ́là bá ti wọlé tó sì ti jáde tán, ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù ní náírà sínú ìwé ẹnu bodè ni pàṣípààrọ̀ gbà lọ́wọ́ yín, tàbí ohun tó fún yín. Ibi yìí ni mo ti fẹ́ràn ètò yìí.

Ìyá kan láti Ìgbẹ́mọ bi mí lẹ́yìn náà pé bí mo bá ti rí i pé ọjà mi kò wọ́n tó bí mo ṣe rò, ṣé màá bá òun dín owó rọ́bà kù. Mo ní, "Mà, iye tí mo rà á kọ́ ni màá fi ra òmíràn." ₦15,140,000 ni mo fi ń mọ èrè tí mo jẹ lórí ọjà tó ti lọ. Iye dọ́là òní ni mo fi ń dá owó lé èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò gbà.

Àṣìṣe tèmi náà kò kéré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ àsansílẹ̀ $3,000 yẹn, àkáǹtì dọ́là ni mo ṣí fún un. Nígbà tí ọjà wá di tèmi ní oṣù Kọkànlá, GnuCash fi ₦1,520 gbé e wọlé, ọjà di ₦15,200,000, èrè ₦60,000 sì yọ sínú Trading láti ibi tí kò sí. Èrè wo? Owó tí mo ti fún ẹlòmíràn, ọjà ló máa fi padà wá, kì í ṣe dọ́là. Àkáǹtì náírà ni kí ẹ ṣí fún àsansílẹ̀. Ti gbèsè ni kó wà ní dọ́là. Bí ẹ bá rí èrè nínú Trading nígbà tí dọ́là ń gòkè tó sì jẹ́ pé gbèsè lẹ ní, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èkejì ni fèrèsé kékeré tó máa ń yọ tí ẹ bá ń gbé owó láti náírà sí dọ́là. Ó lè ti kọ iye kan sílẹ̀ dè yín, èyí tó rántí láti ẹ̀yìn wá. Ẹni tó bá sáré tẹ Enter ti fi iye oṣù tó kọjá ra dọ́là òní nìyẹn. To Amount ni èmi máa ń kọ, iye dọ́là tó wọlé gan-an gẹ́gẹ́ bí báńkì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ pín in. Owó tí báńkì gbà fún iṣẹ́ wọn, mo máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ọn, á dà bíi pé dọ́là wọ́n ju bó ṣe wọ́n lọ.

Ohun tí kò ṣe ni pé kò ní gbé àdánù yẹn lọ sínú ìwé ìnáwó fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ ní náírà, láti Trading:CURRENCY:NGN lọ sí àkáǹtì àdánù pàṣípààrọ̀. Ní ìparí ọdún tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ẹ lọ sí Price Database, ẹ kọ iye dọ́là ti 31 oṣù Kejìlá síbẹ̀, kí ẹ tó ṣí Balance Sheet. Bí ẹ bá gbàgbé, iye àtijọ́ ló máa lò, kò sì ní pariwo. Ẹni tó jẹ gbèsè dọ́là ní 14 oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ so ọjà pàṣípààrọ̀ pọ̀ tí dọ́là fi ọjọ́ kan kúrò ní bíi ₦470 bọ́ sí òkè ₦600, mọ ohun tí iye àtijọ́ kan lè bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó-orí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Akáńtáńtì wa ní kí ₦280,000 tí a kò tíì san ní ìparí ọdún wà lọ́tọ̀ sí àdánù tí owó ti jáde fún, torí èyí tó wà lórí ìwé nìkan kò tíì dín owó-orí kù. Ó tún sọ pé láti oṣù Kìíní 2026 tí òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀, ìnáwó dọ́là kò ní kọjá iye tí Báńkì Àpapọ̀ kọ jáde tí wọ́n bá ń yọ ọ́ kúrò nínú èrè, ì báà jẹ́ pé ẹ rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà mo lọ sí View, mo tan Double Line, ìlà kejì sì yọ lábẹ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó mi ń kọ iye ti Báńkì Àpapọ̀ sí lójoojúmọ́ tí a bá ra dọ́là. Ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́, ó sì ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì.